Ṣíṣírò Líìfù Òṣìṣẹ́: Ọjọ́ Tí Ó Wọlé, Ọlidé Ìjọba, Àjẹkù Ọdún àti Ìyókù

Líìfù ni àsìkò tí òfin tàbí àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi láìjẹ́ pé owó oṣù rẹ̀ dín. Ó yàtọ̀ sí ọlidé, èyí tí í ṣe ọjọ́ tí ìjọba kéde pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ tì, nítorí pé ọlidé kò sí nínú ohun tí òṣìṣẹ́ kan fi iṣẹ́ rẹ̀ kó jọ, gbogbo ènìyàn ni ó kàn. Ìwé líìfù, yálà rẹ́gísítà ẹlẹ́yìn líle tí akọ̀wé ń fi gègé kọ tàbí ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ni àkọsílẹ̀ tí ó ń fi hàn iye ọjọ́ tí ó ti wọlé fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye tí ó ti gbà, iye tí ó gbé wá láti ọdún tí ó kọjá, àti iye tí ó ṣẹ́ kù. Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé déètì ni ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa tọ́jú, kì í ṣe iye ọjọ́. Bí déètì bá wà nílẹ̀ ní pípé, iye yóò tipasẹ̀ ìṣirò jáde nígbàkígbà tí a bá béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iye nìkan ni a kọ, kò sí bí a ṣe lè tún un ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yí padà lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí òfin kà sí ẹ̀tọ́. Abala 18 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí líìfù tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní pípé, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ gba ohun tí ó dín ní 12. Àwọn tí òfin yìí ń pè ní òṣìṣẹ́ ni àwọn tí ń fi agbára ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, kì í ṣe àwọn ọ̀gá tí ń darí iṣẹ́. Òfin náà gbà kí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ fi ohùn ṣọ̀kan láti sún líìfù síwájú, ṣùgbọ́n àkókò tí a fi ń kó líìfù náà jọ kò gbọdọ̀ kọjá oṣù 24, kò sì gbà kí a fi owó rọ́pò ìsinmi fún ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ìlànà tiwọn yàtọ̀: Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní ọdún 2008, fún àpẹẹrẹ, fún ẹni tí ó wà ní ìpele 07 sókè ní ọjọ́ 30 lọ́dún, ìpele 04 sí 06 ní 21, àti ìpele 03 sísàlẹ̀ ní 14. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìkìrun tàbí ti Odò-Ọ̀tìn ní Òkukù kò lè fi ìwé líìfù ilé iṣẹ́ aládàáni tí ó wà ní òdìkejì títì ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí pé orísun ẹ̀tọ́ wọn kò dọ́gba.

Kí ìṣirò náà lè ṣe kedere, ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkìrun, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Ìnísà àti Òkukù. Àpẹẹrẹ lásán ni ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọlidé tí a óò mẹ́nu kàn jẹ́ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ìlànà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 24 lọ́dún, ọjọ́ 2 ń wọlé fún un ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣiṣẹ́ pé, àjẹkù, ìyẹn ọjọ́ tí kò gbà nínú ọdún tí ó parí, kò gbọdọ̀ ju 5 lọ tí ó bá ń gbé e wọ ọdún tuntun, àjẹkù náà sì gbọdọ̀ tán kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jóná. Gbèdéke ni a ń pe iye 5 yẹn, èyí tí í ṣe ààlà tí kò ṣeé kọjá. Ọjọ́ iṣẹ́ níbí ni ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti bọ́ sí ọlidé. Ẹ̀ka tí ó bá ń ṣí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta gbọdọ̀ sọ èyí sínú ìlànà rẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan líìfù yóò jẹ́ ọjọ́ 6 fún wọn, kì í ṣe 5.

Ìpele àkọ́kọ́ nínú ìṣirò ni ọjọ́ tí ó ń wọlé lóṣooṣù. Àǹfààní tí ó wà nínú ọ̀nà yìí ju kí a kó gbogbo ọjọ́ 24 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni pé ẹni tí ó bá wọṣẹ́ láàrin ọdún, tàbí tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàrin ọdún, yóò gba ìwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ tó, kò ní jẹ gbèsè, a kò sì ní jẹ ẹ́ ní gbèsè. Akọ̀wé ẹ̀ka Òkukù tí ó wọṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2023 ṣiṣẹ́ oṣù 6 pé kí ọdún náà tó parí, nítorí náà ọjọ́ 12 ni ó wọlé fún un. Nínú ìwé ìṣirò bíi Excel tàbí Google Sheets, bí `B2` bá jẹ́ déètì tí ó wọṣẹ́, tí `F1` sì jẹ́ déètì tí a fẹ́ mọ iye rẹ̀, fọ́múlà tí ó ń ka ọjọ́ tí ó wọlé nínú ọdún 2024 nìyí:

```
=2*DATEDIF(MAX(B2,DATE(2024,1,1)),$F$1+1,"m")
```

`DATEDIF` ń ka oṣù tí ó pé nìkan, `MAX` sì ń rí i pé ìṣirò kò bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kìíní fún ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Iye 1 tí a fi kún déètì ni ó ń jẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ka oṣù kẹta sí èyí tí ó ti pé. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, oṣù náà kò ní wọlé títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, òṣìṣẹ́ yóò sì máa rí ọjọ́ 2 tí ó sọnù ní gbogbo òpin oṣù, tí yóò tún padà yọjú ní ọjọ́ kejì.

Ìpele kejì ni ti ọlidé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ́gísítà sì ti ń ṣìnà. Òfin Ọlidé ilẹ̀ wa dárúkọ àwọn ọjọ́ tí kì í ṣí nípò, bí ọjọ́ 1 oṣù kìíní, Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Ọjọ́ Òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, àti Kérésìmesì pẹ̀lú ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì Rere àti ọjọ́ Ajé Àjíǹde ń sún kiri, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ti ń sọ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Máólúdì ni kò ṣeé dá lójú títí tí ìkéde yóò fi jáde láti ọ́fíìsì Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, nítorí pé oṣù tí a rí lójú sánmà ni ó ń darí wọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọlidé tí ẹnikẹ́ni kò retí lè yọ, gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun 15 oṣù keje ọdún 2025 láti bu ọlá fún Ààrẹ àná, Muhammadu Buhari, tí ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù náà. Kò sí ìwé tí a kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó lè ní irú ọjọ́ yìí nínú.

Ọdún 2024 fi ìṣòro náà hàn gbangba. Ọjọ́ Ẹtì Rere bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọjọ́ Ajé Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Fún Ìtúnu Ààwẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 oṣù kẹrin. Nígbà tí a kò rí oṣù, tí ààwẹ̀ fi pé ọjọ́ 30, tí Ìtúnu sì bọ́ sí Ọjọ́rú, ìjọba fi Ọjọ́bọ̀ 11 kún un. Bí akọ̀wé ẹ̀ka Òkukù bá ti béèrè líìfù ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti ọjọ́ Ajé 25 oṣù kẹta, nígbà tí ọlidé Àjíǹde nìkan ni ó dájú, ọ̀gá rẹ̀ yóò ka ọjọ́ 25 sí 28 oṣù kẹta, tí ó jẹ́ 4, yóò ka ọjọ́ 2 sí 5 oṣù kẹrin, tí ó jẹ́ 4 mìíràn, yóò sì fi ọjọ́ 8 àti 9 parí rẹ̀, kí akọ̀wé náà wọlé ní Ọjọ́rú 10. Lẹ́yìn ìkéde àkọ́kọ́, ọjọ́ 9 kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mọ́, ọjọ́ kẹwàá líìfù sún sí Ọjọ́bọ̀ 11, ìwọlé sì di ọjọ́ Ẹtì 12. Lẹ́yìn ìkéde kejì, ọjọ́ Ẹtì 12 ni ó wá di ọjọ́ kẹwàá, ìwọlé sì di ọjọ́ Ajé 15.

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ "10" sílẹ̀ sínú rẹ́gísítà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì padà sí i, akọ̀wé náà yóò bá ilẹ̀kùn ní títì ní Ọjọ́rú 10, rẹ́gísítà yóò sì máa sọ pé ó gba ọjọ́ 10 nígbà tí ó jẹ́ pé 9 péré ni ó gbà. Kò sí ẹni tí yóò rí àṣìṣe yìí, nítorí pé iye kan ṣoṣo ni ó wà lójú ìwé, kò sí déètì tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tí ó bá tọ́jú déètì ìbẹ̀rẹ̀ sínú `C2` àti déètì ìparí sínú `D2`, tí ó sì ní ojú ìwé mìíràn tí a ń kọ ọlidé sí, yóò tún iye náà kà fúnra rẹ̀ ní kété tí a bá ti tẹ ọlidé tuntun:

```
=NETWORKDAYS.INTL(C2,D2,1,Olide!$A$2:$A$30)
```

Iye 1 tí ó wà láàrin fọ́múlà náà túmọ̀ sí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ̀ka tí ó ń ṣí ní Àbámẹ́ta yóò fi 11 rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó yọ Àìkú nìkan. Bí ó bá sì jẹ́ pé déètì ìparí ni a ń wá, gẹ́gẹ́ bí ti akọ̀wé tí ó béèrè ọjọ́ 10, fọ́múlà tí ó ń sọ ọ́ ni èyí:

```
=WORKDAY.INTL(C2-1,10,1,Olide!$A$2:$A$30)
```

Ó yẹ kí ìlànà ilé iṣẹ́ sọ èyí tí ó fẹ́ nínú ọ̀nà méjì: pé kí déètì ìwọlé dúró, kí ọjọ́ tí ọlidé gbà sílẹ̀ padà sínú ìyókù òṣìṣẹ́, tàbí pé kí iye ọjọ́ dúró, kí déètì ìwọlé sún síwájú. Méjèèjì bá ẹ̀tọ́ mu. Èyí tí kò bá a mu ni pé kí wọ́n lo ti àkọ́kọ́ fún ẹnì kan, kí wọ́n sì lo ti kejì fún ẹlòmíràn nínú oṣù kan náà. Ilé iṣẹ́ àpẹẹrẹ yìí yan ti kejì.

Ojú ìwé ọlidé náà gba àkíyèsí. Ọjọ́ tí ìjọba kéde ni a ń kọ sí i, kì í ṣe ọjọ́ tí ọdún fúnra rẹ̀ bọ́ sí. Ní ọdún 2025, ọjọ́ Àìkú 30 oṣù kẹta ni Ìtúnu Ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé 31 àti Ìṣẹ́gun 1 oṣù kẹrin ni ìjọba fi ṣe ọlidé. Ó tún yẹ kí ìpínlẹ̀ tí ọlidé kàn hàn níbẹ̀, nítorí pé gómìnà lè kéde ọlidé fún ìpínlẹ̀ rẹ̀ nìkan, bí ìjọba Ọ̀ṣun ti ń fi ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ṣe Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ẹ̀ka Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù yóò yọ ọjọ́ yìí kúrò nínú líìfù, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ náà bá ṣí ẹ̀ka sí Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí Òkukù ṣùgbọ́n tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ìkéde Ọ̀ṣun kò de ibẹ̀. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òpó ọlidé tirẹ̀, kí fọ́múlà òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa wo òpó ìpínlẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìpele kẹta ni àjẹkù àti gbèdéke rẹ̀. Akọ̀wé Òkukù kó ọjọ́ 12 jọ ní ọdún 2023, ó gba 5, 7 ṣẹ́ kù. Gbèdéke gba 5 láyè láti wọ ọdún 2024, 2 sì jóná ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Àjẹkù 5 yìí ni a ó kọ́kọ́ ná ní ọdún tuntun, kí a tó fọwọ́ kan èyí tí ń wọlé lóṣooṣù, nítorí pé òun ni àkókò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé. Nítorí náà, líìfù oṣù kẹta sí oṣù kẹrin tí a sọ lókè gbọdọ̀ wà lórí ìlà méjì nínú ìwé, ọ̀kan fún ọjọ́ 25 sí 28 oṣù kẹta, èkejì fún ọjọ́ 2 sí 12 oṣù kẹrin, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta lè jẹ́ ààlà láàrin wọn. Ọjọ́ 4 ti ìlà àkọ́kọ́ jáde láti inú àjẹkù, 1 tí ó kù níbẹ̀ sì jóná. Ọjọ́ 6 ti ìlà kejì jáde láti inú èyí tí ó wọlé ní oṣù kìíní, kejì àti kẹta ọdún 2024, tí ó jẹ́ 6 gẹ́lẹ́. Ìyókù rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin jẹ́ òfo. Bí ọlidé mẹ́ta ti Ìtúnu kò bá wọ ojú ìwé, déètì kan náà yóò ka 9 dípò 6, ìwé yóò sì sọ pé akọ̀wé náà jẹ ilé iṣẹ́ ní gbèsè ọjọ́ 3.

Ìyókù, tí í ṣe ìpele ìkẹyìn, kò gbọdọ̀ jẹ́ iye tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀. Bí ìwé ìfowópamọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń fi owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sọ iye tí ó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyókù líìfù jẹ́ àjẹkù tí gbèdéke gbà láyè, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó wọlé, kí a yọ ọjọ́ tí a gbà àti èyí tí ó jóná kúrò. Òpó ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí èyí tí ó jóná ní, kí òṣìṣẹ́ lè rí ìdí tí ọjọ́ rẹ̀ fi dín.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà ni ti ọ̀nà kíkọ déètì. Bí a bá ṣètò kọ̀ǹpútà sí ti Amẹ́ríkà, `1/10/2024` tí akọ̀wé tẹ̀ fún Ọjọ́ Òmìnira yóò di ọjọ́ 10 oṣù kìíní, nígbà tí `20/8/2024` yóò di ọ̀rọ̀ lásán tí kọ̀ǹpútà kò kà sí déètì, nítorí pé kò sí oṣù ogún nínú ọdún. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé déètì gidi máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí tí a kọ ọ́ sí, ọ̀rọ̀ sì máa ń fara ti ọwọ́ òsì, àyàfi bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ yí i. Ọ̀nà àyẹ̀wò tí ó dájú ni kí a kọ líìfù ọjọ́ kan ṣoṣo sí ọjọ́ ọlidé kọ̀ọ̀kan. Òfo ni ó yẹ kí fọ́múlà fún wa, bí ó bá sì fún wa ní 1, ọlidé yẹn kò tíì wọlé dáadáa.

Gbèdéke nílò ìkìlọ̀ kí àkókò tó lọ. Akọ̀wé Òkukù tún gba líìfù láti ọjọ́ Ajé 12 sí Ọjọ́rú 21 oṣù kẹjọ ọdún 2024, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ 7, nítorí pé Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe bọ́ sí àárín rẹ̀. Ní òpin oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 18 ti wọlé fún un, ó ti gba 13, ó ku 5, èyí tí ó dà bí ẹni pé kò léwu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 6 ṣì ń bọ̀ kí ọdún tó parí, ìyókù yóò sì di 11, tí 6 nínú rẹ̀ kọjá gbèdéke. Ìwé líìfù tí ó dára gbọdọ̀ sọ èyí ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ṣì lè rọ́pò ara wọn. Bí akọ̀wé náà bá gba ọjọ́ 18 sí 27 oṣù kejìlá, tí a yọ Kérésìmesì àti ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 6 gẹ́lẹ́ ni, yóò sì wọ ọdún 2025 pẹ̀lú 5 láìjẹ́ pé ọ̀kan jóná.

Bí òṣìṣẹ́ bá béèrè líìfù tí ọ̀gá rẹ̀ sì kọ̀ nítorí iṣẹ́, kò tọ́ kí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jóná lé e lórí, pàápàá bí ó bá kan ọjọ́ 6 tí òfin fún un. Nítorí náà, déètì tí ó béèrè àti ìdáhùn tí ó gbà yẹ kí ó wà nínú ìwé bí déètì líìfù fúnra rẹ̀, nítorí pé òun ni ẹ̀rí tí ó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ẹni tí ó kọ̀ láti sinmi àti ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó sinmi.